Èbù Olú

Gbogbo ẹni tó mọ Bàṣírù ní Ṣakí ló mọ̀ pé oníṣu ni. Oníṣu gidi ni o, kì í ṣe ti àwọn tó máa kọ ebè mẹ́wàá tí wọ́n á fẹnu kọ igba tó kù. Ṣùgbọ́n ọ̀kadà kan gbá a lójú ọ̀nà oko, ó ṣe é léṣe ní ìbàdí, láti ìgbà náà ni kò ti lè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ mọ́. Àgbẹ̀ tí kò lè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ni yóò fi kọ ebè? Bó ṣe di ará ilé nìyẹn, tó ń jókòó sábẹ́ igi máńgòrò láti àárọ̀ títí oòrùn á fi wọ̀, bí ẹrù tí onímọ́tò gbàgbé sílẹ̀.

Fàtímọ̀ ìyàwó rẹ̀ kò jókòó ní tirẹ̀. Ó lọ sí Ìbàdàn lọ́dọ̀ Àwáwù ọmọ wọn, ó gbọ́ pé wọ́n ń kọ́ àwọn obìnrin ní iṣẹ́ olú, ó lọ kọ́ ọ. Nígbà tó dé tó sọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀, Bàṣírù rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Olú? Olú tí òjò ń hù lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ààtàn? Ìyá Àwáwù, ṣé ẹ̀yin obìnrin náà ń kẹ́kọ̀ọ́ bí wọ́n ṣe ń gbin koríko ni?"

Fàtímọ̀ lọ sí sọ́ọ̀mìlì, ó bẹ Jẹ́ẹ́dé tó ń la pákó pé kó máa da ìyẹ̀ pákó arère àti ti àràbà sọ́tọ̀ fún òun, kó má fi ti ìrókò sí i, kó má sì fi ti pákó tí wọ́n ti kun lóògùn kòkòrò sí i. Ó kó o wálé. Ó fi èèrí ọkà bàbà àti láìmù díẹ̀, ẹ̀bù funfun tí kì í jẹ́ kó kan, pò ó, ó ń bu omi wọ́n ọn, ó ń fún un lọ́wọ́, títí ó fi tó gẹ́ẹ́: bí o bá fún un pọ̀, kí omi kán tótó díẹ̀, kó má ṣàn. Ó kì í sínú ọ̀rá, ó fi òwú dí i lẹ́nu, ó tò ó sínú dúrọ́ọ̀mù, ó sì fi iná igi sè é lórí omi láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, kí gbogbo ohun àìrí tó ń ba nǹkan jẹ́ lè kú sínú rẹ̀. Nígbà tó tutù tán, ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́, ó tún fi sípíríìtì nù ún, ó wá fi irúgbìn olú sí i lẹ́nu.

Irúgbìn yẹn gan-an ni wàhálà iṣẹ́ náà. Ìbàdàn ló ti ń wá. Ọkà bàbà ni wọ́n fi ń ṣe é, wọ́n á sè é, wọ́n á pa gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀, wọ́n á wá fi olú sí i nínú ìgò tí wọ́n dé pinpin, títí gbogbo hóró ọkà á fi wọ aṣọ funfun. Bí irúgbìn bá tán, àfi kí Fàtímọ̀ gbéra, kó wọ mọ́tò gba Ìsẹ́yìn lọ, kó sùn lọ́dọ̀ Àwáwù, kó sì gbé ìgò náà lé itan bọ̀ wálé bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Nígbà mìíràn kó tó délé, ooru ọkọ̀ á ti bà á jẹ́.

Síbẹ̀ iṣẹ́ náà dára. Nínú òkùnkùn ni àwọn ọ̀rá náà ti ń funfun díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n bá na òwú sínú wọn, títí ìyẹ̀ pákó kò fi ní hàn mọ́. Lẹ́yìn náà ni Fàtímọ̀ á kó wọn lọ sí ilé olú, yàrá alámọ̀ kékeré tó wà lẹ́yìnkùlé, tí wọ́n fi koríko bo òrùlé rẹ̀. Níbẹ̀ ni wọ́n á ti rí ìmọ́lẹ̀ díẹ̀, afẹ́fẹ́, àti omi. Á la ọ̀rá náà lẹ́gbẹ̀ẹ́, á máa wọ́n omi sí ara ògiri àti sílẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́, pàápàá nígbà ọyẹ́ tí ètè gbogbo ènìyàn máa ń là. Olú á yọ orí bí orí abẹ́rẹ́, á sì di ìdì etí funfun tó fẹ̀ kí èèyàn tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Àwọn tó ń se ọbẹ̀ tà ń bá a rà á, wọ́n ní ó dùn ju ẹran lọ. Bàṣírù náà ń jẹ ẹ́. Kò yìn ín, ṣùgbọ́n ó máa ń fi ìka nu àwo.

Nínú ọyẹ́ ọdún yìí ni ikọ́ wá bẹ̀rẹ̀.

Àkọ́kọ́, Fàtímọ̀ rò pé ọyẹ́ ni. Ta ni ọyẹ́ kì í mú wúkọ́ ní Òkè-Ògùn? Ó se ewé fún un, ó fi òrí pa á láyà. Ṣùgbọ́n ikọ́ yìí kò ṣe bí ikọ́ ọyẹ́. Lọ́sàn-án, ara Bàṣírù máa ń dára; tó bá di ìrọ̀lẹ́ ni àyà rẹ̀ á fún, á máa mí bí ẹni gun òkè, ara rẹ̀ á gbóná, á sì máa gbọ̀n lábẹ́ aṣọ. Tó bá di àárọ̀, á ní kò sí nǹkan, á wọ fìlà dúdú rẹ̀, á tún lọ jókòó sábẹ́ máńgòrò. Ó ń rù. Egungun ọrùn rẹ̀ ti ń yọ níta.

Ohun mìíràn tún ń dààmú Fàtímọ̀, ṣùgbọ́n kò kà á sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọkọ rẹ̀. Olú rẹ̀ ti ń ṣe ségesège. Ẹsẹ̀ wọn gùn gbọọrọ, orí wọn kéré bí bọ́tìnnì, bíi pé wọ́n ń na ọrùn wá nǹkan kan kiri. Ó mọ ohun tí wọ́n kọ́ òun pé ó ń fà á: afẹ́fẹ́ kò tó wọn. Ṣùgbọ́n gbogbo àárọ̀ ló ń ṣí fèrèsé méjèèjì kó tó lọ sọ́jà, tó bá sì dé, wọ́n á ṣì wà ní ṣíṣí. Ó ní bóyá irúgbìn náà ni kò dára.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n Bàṣírù kú ní Ìgbòho, Bàṣírù lọ síbi òkú, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó bọ̀, ojú rẹ̀ ti yọ́, kò wúkọ́ rárá, ó tiẹ̀ ń kọrin wọlé. Fàtímọ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run títí ohùn rẹ̀ fi há. Kó tó tó ọjọ́ díẹ̀, ikọ́ tún ti dé, èyí tó dé yìí sì burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Lálẹ́ ọjọ́ kan Fàtímọ̀ dì í mú láyà nígbà tó ń wúkọ́, ó rí i pé egungun ìhà rẹ̀ ń gbọ̀n lábẹ́ ọwọ́ òun bí ti ẹyẹ. Ẹ̀rù bà á. "Ọlọ́run, má sọ mí di opó," ni ó ń wí nínú ara rẹ̀. "Mi ò tíì ṣe tán. Ọkùnrin yìí kò tíì yó mi."

Bí ilẹ̀ ti mọ́, ó mú un lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba. Nọ́ọ̀sì Ọmọ́wùmí ló wà lẹ́nu iṣẹ́, ọmọbìnrin kan tí kì í kanjú. Ó gba itọ́ Bàṣírù, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní kì í ṣe ikọ́ ife. Fàtímọ̀ ní kí Ọlọ́run ṣeun. Nọ́ọ̀sì kò rẹ́rìn-ín.

"Ìyá, ẹ jókòó ná. Kí ni Bàbá ń ṣe lóòjọ́?"

"Kí ló fẹ́ ṣe? Ó ń jókòó lábẹ́ máńgòrò ni."

"Torí mo ti rí irú ikọ́ yìí lára àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú eruku. Nǹkan kan ni wọ́n ń fà símú lọ́sàn-án, tí àyà wọn á kọ̀ lálẹ́. Tí wọ́n bá kúrò nídìí rẹ̀, ara wọn á yá. Ṣé ara rẹ̀ yá níbì kan rí?"

"Ní Ìgbòho," ni Fàtímọ̀ wí.

"Ẹ̀hẹ́n. Nǹkan ọ̀hún wà nílé yín nìyẹn. Ẹ tètè wá a, Ìyá. Bó bá ń bá a lọ báyìí, inú ẹ̀dọ̀fóró máa ń le, tó bá sì le, kì í rọ̀ mọ́."

Bàṣírù tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. "Èmi kò mọ eruku kankan," ló wí. Kò wojú ìyàwó rẹ̀ nígbà tó ń sọ ọ́.

Fàtímọ̀ délé, ó kó gbogbo ìyẹ̀ pákó kúrò nítòsí, ó gbé e lọ sẹ́yìn ògiri. Ó gbá gbogbo ilé. Ó tú bẹ́ẹ̀dì síta, ó lu tìmùtìmù. Kò sí àyípadà. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, bó ti ń bọ́ fìlà lórí ọkọ rẹ̀ kó lè fi aṣọ tútù nù ún, ó rí eruku funfun lẹ́bùlẹ́bù lórí fìlà dúdú náà.

"Ta ló da èlùbọ́ sí yín lórí?"

"Eruku ọyẹ́ ni," ni Bàṣírù wí, ó sì gba fìlà náà lọ́wọ́ rẹ̀ kíá.

Eruku ọyẹ́ kẹ̀? Ilẹ̀ Ṣakí pupa. Eruku tó bá ti ojú ọ̀nà wọn dìde, pupa ló ń bà lé aṣọ. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Lọ́jọ́ kejì Fàtímọ̀ gbé agbọ̀n olú sórí, ó kí ọkọ rẹ̀ pé ó dàbọ̀, ó jáde. Kò dé ọjà. Ó gbé agbọ̀n fún obìnrin olóúnjẹ tó wà ní oríta, ó ní kó bá òun tà á, ó sì yí padà. Nígbà tó dé ẹ̀yìnkùlé, àga abẹ́ máńgòrò ṣófo. Wọ́n ti fi tapólì bo fèrèsé ilé olú méjèèjì, wọ́n fi òkúta tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹnìkan ń wúkọ́ nínú ibẹ̀.

Ó ṣí ilẹ̀kùn.

Ìmọ́lẹ̀ oòrùn bá a wọlé, ó sì rí i pé afẹ́fẹ́ inú yàrá náà funfun, ó ń fò lọ sókè sódò bí èéfín tí kò ní òórùn. Bàṣírù jókòó sórí àpótí ní ìkángun, lábẹ́ pẹpẹ ẹ̀yìn tí Fàtímọ̀ kì í sábà dé nítorí pé àwọn ọ̀rá àtijọ́ tó rò pé ó ti so tán ló kó síbẹ̀. Àwọn olú tó wà lókè orí rẹ̀ tóbi bí àwo ìjẹun, etí wọn ti ká sókè, wọ́n ti gbó kọjá. Ó tẹ́ gèlè dúdú Fàtímọ̀ sórí itan, ó gbé e sábẹ́ wọn bí ẹni ń gba òjò. Eruku funfun náà ń bà sórí gèlè, sórí fìlà rẹ̀, sórí irùngbọ̀n rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ni agolo mílíìkì tò sí, ọkà bàbà bíbọ̀ wà nínú wọn. Àwọn kan ti bu, wọ́n di àwọ̀ ewé. Àwọn kan ti dúdú. Òórùn ọtí kíkan ń jáde níbẹ̀.

"Yéè! Bàbá Àwáwù!"

Ọkùnrin náà gbìyànjú láti dìde, ìbàdí rẹ̀ kò jẹ́. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ikọ́ dì í mú. Fàtímọ̀ kò dúró béèrè nǹkan kan. Ó fi apá gbá a mú lábíyá, ó wọ́ ọ jáde sí abẹ́ máńgòrò, ó bọ́ fìlà rẹ̀ sọnù, ó bu omi sí i lójú, ó nu irùngbọ̀n rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo.

"Ṣé ẹ fẹ́ kú ni? Ẹ sọ fún mi kí n mọ̀! Ẹ̀yin tí ẹ ní ti ààtàn ni, kí lẹ wá ń ṣe níbẹ̀? Kí lẹ fi gèlè mi ṣe?"

Bàṣírù mí, ó tún mí. "Irú ni mo ń wá."

"Irú kí ni?"

"Irú olú. Fún ẹ."

Fàtímọ̀ yíjú wo ilé olú.

"Ilá tí a bá fẹ́ fi ṣe irú," ni Bàṣírù wí, "ṣé a máa ń já a ní kékeré? A máa ń fi í sílẹ̀ kó gbó lórí igi ni. Àgbàdo náà, èyí tó dára jù kọ́ là ń jẹ. Mo wá rí i pé kékeré lò ń ká gbogbo olú tìẹ. Mo ní, ọ̀rọ̀ yìí ni kò jẹ́ kí obìnrin yìí ní irú. Mo fi díẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn kó gbó. Mo sì rí i tí irú rẹ̀ ń bọ́, lẹ́bùlẹ́bù bí èlùbọ́. Atẹ́gùn ń gbé e lọ, ni mo bá dí fèrèsé. Tí mo bá ti gbúròó rẹ, mo máa ń ṣí i padà."

"Irú... Ẹ ò bá bi mí!"

"Báwo ni mo ṣe máa bi ọ́? Èmi tí mo fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ lójú gbogbo ayé?" Ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó fi oríkì pe ìyàwó rẹ̀. "Àkànkẹ́, ọ̀nà Ìbàdàn yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn. Gbogbo ìgbà tóo bá wọ mọ́tò, oúnjẹ kì í lọ lọ́nà ọ̀fun mi títí màá fi rí ẹ. Ọ̀kadà lásán ló sọ mí di báyìí. Tí mọ́tò bá wá gbé ọ ṣubú ńkọ́, ta ni mo ní? Mi ò lè kọ ebè fún ẹ mọ́. Mo ní ó kéré tán, kí n bá ẹ wá irú, kóo lè jókòó sílé."

Fàtímọ̀ jókòó sílẹ̀ lórí iyẹ̀pẹ̀. Ẹkún gbọ̀n ọ́n. Ó ń sunkún, ó sì ń rẹ́rìn-ín, kò mọ èyí tó yẹ kó kọ́kọ́ ṣe. Ọkùnrin yìí ni o! Ọkùnrin tí kò yin olú rí, tó ń jókòó nínú eruku lójoojúmọ́, tó ń kú lọ díẹ̀díẹ̀ nítorí kí ìyàwó rẹ̀ má baà wọ mọ́tò.

"Eruku yẹn ló ń pa yín," ló wí nígbà tó lè sọ̀rọ̀. "Òun ni Nọ́ọ̀sì ń sọ. Wọ́n kìlọ̀ rẹ̀ fún wa ní Ìbàdàn pé ká má jẹ́ kí olú gbó kọjá lórí ọ̀rá, ká má fà á símú. Mo sì mọ̀. Mi ò kàn rò pé ẹnì kankan lè máa lọ jókòó sábẹ́ rẹ̀ ni."

"Kì í ṣe irú, nígbà náà?"

"Irú ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe irú tí èmi tàbí ẹ̀yin lè gbìn. Ó kéré jù. Ibi tí ẹ bá dà á sí, ohun àìrí mìíràn á ti gba ilẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ wo agolo yín, ṣé olú ló hù níbẹ̀? Inú àpótí gíláàsì ní yàrá àyẹ̀wò, nídìí iná, ni wọ́n ti ń tọ́jú irú ìyẹn. Àwọn ará Ìbàdàn gan-an kì í sábà lò ó. Ara olú ni wọ́n ń gé."

Bàṣírù gbé orí sókè. "Wọ́n ń gé kí ni?"

"Ara rẹ̀. Wọ́n á mú èyí tó ṣì kéré, tó lera, wọ́n á ya á, wọ́n á gé bíńtín nínú ẹran rẹ̀, òun ni wọ́n á fi sínú ìgò. Á bẹ̀rẹ̀ sí í ta funfun láti ibẹ̀."

Ojú Bàṣírù tó ti kú láti ìgbà tí ọyẹ́ ti dé bẹ̀rẹ̀ sí í là.

"Èbù ni," ló wí. "Fàtímọ̀, èbù ni! Wọ́n ń gé e bí èbù iṣu! Kì í ṣe ilá rárá. Iṣu ni olú!"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra, kí ẹ má baà wúkọ́."

"Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo fi ń gé èbù, mo wá lọ jókòó ti ilá!" Ó fi ọwọ́ gbá orí tó ṣófo. Fàtímọ̀ mú fìlà náà nílẹ̀, ó gbọ̀n ọ́n síta atẹ́gùn, ó gbọ̀n ọ́n títí funfun fi tán lára rẹ̀, kò sì tíì dá a padà fún un. Bàṣírù wo fìlà náà. "Ikú tí ì bá pa ni, tó bá ṣí ni ní fìlà, ọpẹ́ là ń dá," ló wí jẹ́jẹ́.

Ọjọ́ náà gan-an ni Fàtímọ̀ ká gbogbo olú tó ti gbó, ó fi aṣọ tútù di imú kó tó ṣe é, ó sì ri wọ́n mọ́lẹ̀. Ó ya tapólì kúrò. Ó tún ní kí ọmọ bíríkìlà kan wá la fèrèsé kẹta. Ó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá tún kọjá ẹnu ọ̀nà ilé olú, òun á kó ẹrù òun lọ bá Àwáwù. Bàṣírù gbọ́. Nọ́ọ̀sì Ọmọ́wùmí fún un lóògùn, ó ní kó máa bọ̀ kí òun máa gbọ́ àyà rẹ̀. Ikọ́ náà kò lọ lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n ó ń lọ. Òru ọjọ́ kan wà tí Fàtímọ̀ jí lójú oorun nítorí pé kò gbọ́ nǹkan kan, ó fi ọwọ́ kan àyà ọkọ rẹ̀ kó tó gbà pé ó ń mí. Àwọn olú tó yọ lẹ́yìn ìyẹn ní orí tó fẹ̀, ẹsẹ̀ wọn sì kúrú bó ṣe yẹ kó rí.

Nígbà náà ni Fàtímọ̀ rántí ohun kan tí olùkọ́ wọn fi ṣeré sọ ní Ìbàdàn, pé ìdí olú tí wọ́n ń gé dànù, bí èèyàn bá fi sáàárín páálí tútù, ó máa ń tún hù. Kò dá ara rẹ̀ lójú, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀. Ó yẹ kẹ́ ẹ rí Bàṣírù! Ó ní kí wọ́n gbé ọ̀bẹ èbù òun wá, èyí tó ti ń dípẹtà lókè àjà. Fàtímọ̀ ní kò ṣeé lò àfi tó bá dán. Bàṣírù jókòó, ó pọ́n ọn, ó sè é nínú omi gbígbóná, ó fi sípíríìtì nù ún.

Abẹ́ máńgòrò níbi tí atẹ́gùn wà ló ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n da omi híhó sórí páálí, wọ́n jẹ́ kó tutù, wọ́n fún un. Bàṣírù ya páálí náà sí wẹ́wẹ́, ó gé ìdí olú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti orí ọ̀rá, ó ń tò wọ́n lé ara wọn nínú ike tí wọ́n lu ihò sí: páálí, ìdí olú, páálí. Kò gé e kéré jù, kò sì gé e tóbi jù. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ.

Èyí tó kọ́kọ́ ṣe bàjẹ́. Ó di àwọ̀ ewé, ó ń rùn. Fàtímọ̀ rò pé ìbànújẹ́ á mú un, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Ta ni èbù kò rà lọ́wọ́ rẹ̀ rí?" Ó ní ìdí olú àná ni òun lò, ó ti rẹ̀ kó tó wọlé, ó sì ní omi pọ̀ nínú páálí. Ó tún ṣe é. Lọ́tẹ̀ yìí, nígbà tí wọ́n ṣí ike náà, àwọn okùn funfun tín-ín-rín ti jáde láti ara ìdí olú kọ̀ọ̀kan, wọ́n ti wọ inú ihò páálí, wọ́n ń bá ara wọn pàdé. Ó ń run bí igbó lẹ́yìn òjò. Bàṣírù kò fọwọ́ kàn án. Ó wò ó títí.

"Ó mà ta," ló wí.

Fàtímọ̀ se ìyẹ̀ pákó bó ti máa ń ṣe, nígbà tó tutù, ó ya páálí funfun náà sí i nínú ọ̀rá. Ọ̀rá díẹ̀ ló gbà á dáadáa, ìyókù bàjẹ́. Irúgbìn Ìbàdàn ṣì kù tí wọ́n á máa rà, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àárín ìrìnàjò kan àti èkejì ti jìnnà, òjò àkọ́rọ̀ sì ti ń rọ̀ nígbà tí ọ̀rá àkọ́kọ́ nínú àwọn ti Bàṣírù funfun tán. Fàtímọ̀ kò gbé e lọ sínú ilé olú. Ó so ó mọ́ ẹ̀ka máńgòrò níwájú àga ọkọ rẹ̀, níbi tí ibòji wà tí atẹ́gùn ń gbà kọjá, ó fi àpò tútù bò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì là á.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí olú náà tó ká, ìdì kan ti yọ níbẹ̀, àwọn olú kéékèèké, etí wọn ṣì tẹ̀ wálẹ̀. Bàṣírù jókòó tì í.

"Ó tó ká," ni Fàtímọ̀ wí.

"Ó ṣì kéré."

"Bàbá Àwáwù."

"Wò ó ná, ó kù díẹ̀ kó gbó. Iṣu tí kò gbó, wọn kì í wà á. Ọjọ́ kan péré, Àkànkẹ́."

Fàtímọ̀ kò pariwo. Ó wá síwájú rẹ̀, ó bọ́ fìlà dúdú lórí rẹ̀, ó gbé e sí ojú oòrùn, ó yí i wò síwá sẹ́yìn. Kò sí nǹkan kan lára rẹ̀. Ó dì í mú lọ́wọ́ méjèèjì, kò dá a padà.

Bàṣírù wo fìlà. Ó wo ojú ìyàwó rẹ̀, ó rí i pé omi ti lé sí i. Ó na ọwọ́, ó di ìdí olú náà mú, ó yí i díẹ̀ bí wọ́n ti kọ́ ọ, ó sì já a ní kékeré bó ṣe wà.

"Ó dáa," ló wí. "Wá dé fìlà mi fún mi, kóo lọ se é."